Iṣẹ́ àjọ aláàánú ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè Ọ̀yọ́

Iṣẹ́ àjọ aláàánú, tí àwọn mìíràn ń pè ní iṣẹ́ ìdàgbàsókè, ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún owó oṣù nínú àjọ tí kò wá èrè, tí kì í sì í ṣe ti ìjọba. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè máa tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, kí ó máa pín oògùn, kí ó máa kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní ètò ìfowópamọ́, tàbí kí ó máa gbẹ́ kànga fún abúlé. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ oníṣòwò ni pé kì í ṣe ẹni tí ó ń jàǹfààní rẹ̀ ni ó ń san owó rẹ̀. Ẹlòmíràn, tí ó sábà máa ń wà lókèèrè, ni ó ń san án, fún iye oṣù tí a ti kọ sínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí, owó oṣù kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń mú wọlé. Iye oṣù tí owó náà fi ń wọlé láàárín ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni ó ń fi òtítọ́ hàn.

Ìtàn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ yìí ti wà kí ó tó ní orúkọ tí a ń pè é lónìí. Ní 1907 ni Dókítà George Green, oníṣègùn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà rán wá, dé sí ilẹ̀ Yorùbá. Inú iṣẹ́ ìwòsàn tí òun àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣe ni ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti jáde. Inú ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì Ruth Kersey fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kú ni ilé àwọn ọmọ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti jáde pẹ̀lú. Owó àwọn míṣọ́nnárì ń wá láti ọwọ́ àwọn ìjọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ míṣọ́n tí ó wà ní ìlú Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia. Láti ìgbà náà ni ìlà méjì ti wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́: àwọn tí a gbà lókèèrè tí owó wọn ń tẹ̀lé wọn wá, àti àwọn ọmọ ìlú tí a gbà síbi iṣẹ́. Ìlà náà kò tíì parẹ́ nínú iṣẹ́ yìí títí di òní.

Ní 2009 ni ilé ìwòsàn náà di Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ aláàánú ṣe ń pẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó àánú wá di èyí tí owó ìtọ́jú aláìsàn àti owó ẹ̀kọ́ lè gbé dúró. Ọ̀pọ̀ àjọ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n lè tà. Nígbà tí olùfúnnilówó wọn bá lọ, wọ́n a tilẹ̀kùn.

Àwọn tí kò gba owó oṣù

Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá nínú iṣẹ́ yìí kò ní owó oṣù rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó gba ènìyàn púpọ̀ jù. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù ni ti àwọn tí ń pín oògùn àìsàn ìfọ́jú tí eṣinṣin ẹ̀bá odò ń fà. Ní 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck kéde pé òun yóò máa fi oògùn náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mectizan, ta àwọn orílẹ̀-èdè lọ́rẹ. Oògùn di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó kù kí ẹnìkan gbé e dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀ ní oko. Ètò tí Áfíríkà gbé kalẹ̀ láti 1995 ni pé kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ tirẹ̀ tí yóò pín in.

Ẹni tí wọ́n bá yàn a kọ́kọ́ ka gbogbo ènìyàn ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Kò ní ìwọ̀n kìló, nítorí náà ọ̀pá ni ó fi ń wọn gíga wọn. Ẹni tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà kò gba nǹkan kan. Ẹni tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ gba hóró kan, iye hóró a sì máa pọ̀ sí i títí dé mẹ́rin fún àgbàlagbà tí ó ga. Aboyún àti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ ẹni tí ó gbà, ẹni tí kò sí nílé, àti ẹni tí oògùn yọ lára, yóò sì kó ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Gbogbo èyí lè gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́dún, ó sì sábà máa ń bọ́ sí àkókò iṣẹ́ oko.

Ìmọ̀ràn tí ó wà nínú ètò náà ni pé kí abúlé fúnra rẹ̀ pinnu bí yóò ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yàn. Ní ibi tí wọ́n bá ti bá a ro oko tàbí tí wọ́n fún un ní iṣu, ó máa ń dúró. Ní ibi tí ètò mìíràn, bíi ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, bá ti wọlé tí ó sì ń fún àwọn olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀ ní owó ojúmọ́, ẹni tí ń pín oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni òun ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ àjọ aláàánú lónìí ń gba ọ̀nà yìí wọlé, pẹ̀lú ìrètí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yóò di iṣẹ́ olówó. Ìrètí náà kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ó ní ààlà: orí ẹni tí ó lè kọ ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí ni ó sábà máa ń já sí, kì í ṣe orí ẹni tí ó mọ abúlé jù.

Ibi tí owó oṣù ti ń wá

Láti lóye owó oṣù òṣìṣẹ́ àjọ, ó yẹ kí a wo bí owó ìrànwọ́ ṣe ń rìn. Olùfúnnilówó a kéde pé òun ní owó fún ohun kan, fún àpẹẹrẹ, ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí fún ọdún mẹ́ta. Àjọ a kọ ìwé ìbéèrè tí ó ní ètò ìnáwó nínú. Nínú ètò ìnáwó yìí ni orúkọ ipò òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú iye owó àti iye oṣù. Bí ó bá jẹ́ oṣù 36 ni wọ́n kọ, kò sí ibi tí owó oṣù kẹtàdínlógójì yóò ti wá.

Ó sì tún wọ́pọ̀ pé kí a pín òṣìṣẹ́ kan sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Ètò kan lè máa san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí èkejì san 40 tí ó kù. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi ń kọ ìwé àkókò lóṣooṣù, tí ó fi ń fi hàn wákàtí mélòó ni ó lò fún ètò wo. Nígbà tí ètò àkọ́kọ́ bá parí, owó rẹ̀ a já sí ìdá 40, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í dín kù bẹ́ẹ̀, nítorí àbọ̀ ìròyìn ìparí ètò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà mìíràn, olùfúnnilówó a fún àjọ ní oṣù díẹ̀ sí i láti parí iṣẹ́ láìfi kọ́bọ̀ kún owó. Létí ẹni tí kò mọ̀, ìròyìn ayọ̀ ni. Lójú ẹni tí ó mọ̀, owó oṣù mẹ́ta ni a ó fà gùn di ti oṣù mẹ́fà.

Owó tí àjọ lè fi tọ́jú òṣìṣẹ́ láàárín ètò kan sí òmíràn kéré. Nínú owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, àjọ tí kò ní àdéhùn pàtàkì lè gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye owó tí òfin gbà láti ṣírò, fún ọ́fíìsì, iná, ìṣirò owó àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni ó di 15. Ọ̀pọ̀ olùfúnnilówó mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ san tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àjọ tí ó ní orúkọ rere tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára lè má ní owó tí yóò fi san oṣù kan fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù.

Ìṣirò ọdún márùn-ún

Àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti àfiwé; a yan iye owó rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ká ní ọ̀rẹ́ méjì jáde ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì parí ìsìnrú ìlú. Ọ̀kan gba iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìparí ní ilé iṣẹ́ kan, ní ₦150,000 lóṣù. Èkejì di òṣìṣẹ́ ètò nínú àjọ aláàánú kan, ní ₦200,000. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí wọ́n bá pàdé ní Ọjà Igbó, ẹni kejì ni yóò san owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni kejì gba oṣù 18. Ó jókòó nílé fún oṣù 7 kí ó tó rí òmíràn. Èyí gba oṣù 12, ó tún dúró fún oṣù 5, ó sì rí ẹ̀kẹta tí ó gba oṣù 18. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 60, ṣùgbọ́n oṣù 48 péré ni owó wọlé. Oṣù 48 lọ́nà ₦200,000 jẹ́ ₦9,600,000. Bí a bá pín in sí oṣù 60, ₦160,000 ni ó gbà lóṣù ní tòótọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ₦150,000 fún oṣù 60, èyí tí ó jẹ́ ₦9,000,000. Ṣùgbọ́n òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa fi ó kéré tán ìdá 10 kún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá 8 sí i láti inú owó tirẹ̀. Bí a bá ṣírò ìdá 10 yìí lórí gbogbo owó oṣù, ó jẹ́ ₦900,000. Owó ẹni àkọ́kọ́ di ₦9,900,000. Àjọ ẹni kejì kò ní òṣìṣẹ́ tó 15, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn tí a háyà, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ₦50,000 ni ó kẹ́yìn lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ká ní agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń san ìdá 10 náà ni, òun ni ì bá ṣáájú, pẹ̀lú ₦10,560,000.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò yìí kò kà. Owó oṣù ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ lè gòkè lọ́dọọdún. Ti ẹni kejì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nínú ìwé àdéhùn kọ̀ọ̀kan, ní iye tí ètò ìnáwó tuntun bá gbà. Bí ìwé ìbéèrè bá ti pẹ́ ní ọdún méjì kí owó tó dé, iye ọdún méjì sẹ́yìn ni ó wà níbẹ̀. Èyí dun àwọn òṣìṣẹ́ gidigidi nígbà tí ìjọba tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦460 di nǹkan bíi ₦1,500 láàárín ọdún kan. Ẹni tí wọ́n kọ owó rẹ̀ ní dọ́là rí ìlọ́po. Ẹni tí wọ́n kọ tirẹ̀ ní náírà rí owó ọkọ̀ àti owó gàrí tí ó fò sókè, owó oṣù rẹ̀ sì dúró síbi tí ó wà. Àwọn méjèèjì lè máa jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè

Àwọn tí wọ́n ń wọ iṣẹ́ yìí máa ń rò pé àánú ni ó gbà jù. Ìwé ni ó gbà jù. Òṣìṣẹ́ tí ó bá lọ bẹ ìdílé méjì wò lówùúrọ̀ lè lo ìyókù ọjọ́ láti kọ ohun tí ó rí, láti fi fóònù fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí KoboToolbox, àti láti jíhìn owó tí ó gbà.

Ìjíhìn owó ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹni tuntun jẹ́, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kíkún. Ká ní àjọ fún òṣìṣẹ́ ní ₦120,000 láti ṣe ìpàdé fún 40 obìnrin ọlọ́jà. Ó ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ kan, ó háyà àga, ó sì fún olúkúlùkù ní owó ọkọ̀. Ìyá olóúnjẹ kò ní rìsíìtì. Ẹni tí ó ni àga kọ tirẹ̀ sórí bébà láìfi ọjọ́ sí i. Obìnrin 38 ni ó fọwọ́ sí ìwé owó ọkọ̀, nítorí àwọn méjì ti lọ pàtẹ ọjà wọn kí ìpàdé tó parí. Kò sí ẹni tí ó jí kọ́bọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ayẹ̀wéwò bá dé lẹ́yìn ọdún kan, gbogbo owó tí kò ní ìwé ẹ̀rí ni olùfúnnilówó lè kọ̀, tí yóò sì ní kí àjọ dá a padà. Àwọn àjọ kan a yọ ọ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń gbé ìwé rìsíìtì òfìfo àti táńdà ìtẹ̀ka dání lọ sọ́jà. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀wé tẹ ìka rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, a sì máa kọ ọjọ́, iye àti nọ́ńbà fóònù sí i kí ó tó dìde níbẹ̀.

Ohun kejì tí ó ń béèrè kò sí nínú ìwé àdéhùn. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ẹni tí ń pín nǹkan ni a máa ń fura sí. Àwọn tí a kò kọ orúkọ ọmọ wọn a ní ó ń jẹ owó òyìnbó. Àwọn mọ̀lẹ́bí a ní kí ló dé tí kò fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ìwé. Òfin àjọ kò sì gbà á láyè. Ìyà yìí kò kan ọ̀gá tí ó wà ní Àbújá bí ó ṣe ń kan ọmọ ìlú tí yóò pàdé àwọn ènìyàn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti níbi òkú.

Ìdádúró ti 2025

Ní 20 oṣù kìíní 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìwé dé ọ̀dọ̀ àwọn àjọ pé kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹta ni ìjọba náà kéde pé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ètò USAID ti di fífagilé, nígbà tí ó sì di 1 oṣù keje, àjọ náà kò sí mọ́ gẹ́gẹ́ bí àjọ tí ń dá ṣe ètò ìrànwọ́. Mínísítà ìlera Nàìjíríà nígbà náà, Muhammad Ali Pate, sọ pé 28,000 òṣìṣẹ́ ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí ni owó Amẹ́ríkà ń san owó oṣù wọn.

Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn ni pé ọjọ́ ìparí tí ó wà nínú ìwé àdéhùn kì í ṣe ìlérí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìwé àdéhùn irú iṣẹ́ yìí ni ó ní gbólóhùn kan tí ó sọ pé iṣẹ́ yóò wà níwọ̀n ìgbà tí owó bá wà. Ẹni tí a bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ̀ lè béèrè ọjọ́ tí owó ìrànwọ́ fúnra rẹ̀ yóò parí, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé tirẹ̀. Ìdá mélòó nínú owó oṣù rẹ̀ ni ètò náà ń san. Àti bóyá àjọ náà ti ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àjọ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì kò tíì mọ ibi tí yóò ti rí owó náà.

Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ

Àwọn díẹ̀ nínú wọn ń gòkè lọ sí àjọ ńlá. Ìbàdàn ni ó súnmọ́ jù fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ti Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni àjọ ìlera ìbímọ àti ìdílé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládípọ̀ àti Grace Délànọ̀ dá sílẹ̀ ní 1989 wà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àjọ ọmọ ìlú tí ó ti gba owó ìrànwọ́ ńlá tí ó sì ti ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìpele tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti àwọn àjọ àgbáyé ní Àbújá àti Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí kejì àti ìmọ̀ ìṣirò tàbí ti àyẹ̀wò iṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò owó tàbí àkójọ ìròyìn sábà máa ń rí iṣẹ́ láàárín ètò méjì ju ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń bá ìdílé sọ̀rọ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni kejì ni ètò náà kò lè ṣe láìsí.

Àwọn mìíràn ń padà sí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí ti ìjọba, nígbà tí ọmọ bá ti wọ ilé ìwé tí owó tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀lé bá di dandan. Àwọn kan ń dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí máa ń fi orúkọ àjọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Ilé Iṣẹ́, lábẹ́ apá tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn alábòójútó ẹgbẹ́. Òfin ilé iṣẹ́ ti 2020 gbà kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ san owó tí ó bójú mu fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí a pín owó rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí èrè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí àwọn tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí rẹ̀ di ipò olówó oṣù mú nínú rẹ̀. Nítorí náà, olùdásílẹ̀ tí ó bá fẹ́ máa gba owó oṣù níláti fi àga ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni tí ó ní agbára láti yọ ọ́ níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í mọ èyí títí di ọjọ́ tí olùfúnnilówó àkọ́kọ́ bá béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n jókòó sínú ìgbìmọ̀ àti orúkọ àwọn tí wọ́n wà nínú ìwé owó oṣù, tí ó sì rí orúkọ kan náà nínú méjèèjì.